Lẹ́tà sí onílé: bí onídìrí ṣe lè bẹ̀bẹ̀ kó pín owó ṣọ́ọ̀bù san nígbà tí ọjà ò yá

Rìsíìtì kan wà lọ́wọ́ mi tí mi ò jẹ́ sọ nù. Ìwé pélébé ni, bírò aláwọ̀ búlúù ni ejẹ́ǹtì fi kọ ọ́: "owó ṣọ́ọ̀bù, oṣù mẹ́ta." Ọ̀rọ̀ mẹ́rin yẹn ló lé mi kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń dirí fún ọdún mẹ́rin.

Ọdọọdún ni mo ń san owó ṣọ́ọ̀bù náà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ọjà dákẹ́, mo lọ bẹ onílé pé kó jẹ́ kí n máa san án ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, ó sì gbà tẹ̀ríntẹ̀rín. Ẹnu la fi sọ ọ́. Mi ò kọ nǹkan kan sílẹ̀, inú mi dùn ni mo fi lọ sílé. Nígbà tó yá, ó rí ẹni tó fẹ́ san jù mí lọ, ló bá fún mi ní ìwé pé kí n kó jáde. Ìparí oṣù Kẹsàn-án ni. Mo ní oṣù mẹ́fà ló yẹ kí wọ́n fún mi. Lọ́yà rẹ̀ ní kí n mú rìsíìtì mi wá ká wò ó. Oṣù mẹ́ta ló wà lára rẹ̀, oṣù mẹ́ta náà ni wọ́n fún mi. Ọ̀sẹ̀ tó yí ọjọ́ Kérésì ká, tí onídìrí kì í ráyè jẹun, ni mo ń gbé dírágbà àti àga sínú ọkọ̀.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kọ irú lẹ́tà yìí. Púpọ̀ nínú wọn rò pé ẹ̀bẹ̀ ni gbogbo rẹ̀, pé bí ọ̀rọ̀ bá ti dùn tó, onílé á gbà. Onílé máa ń gbà lóòótọ́. Ohun tó ń dun onídìrí lẹ́yìn náà ni bí ó ṣe gbà á, àti ohun tí kò sí nínú ìwé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí òfin sọ ní Èkó, níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Òfin ayálégbé ìpínlẹ̀ Èkó ti 2011 kan ṣọ́ọ̀bù bó ṣe kan ilé gbígbé, àfi ní Àpápá, Ìkòyí, Erékùṣù Fikitóríà àti GRA Ìkẹjà tó yọ sílẹ̀. Ó ní bí àdéhùn ẹ̀yin méjèèjì kò bá sọ iye àkókò tí onílé máa fún ayálégbé kó tó kó jáde, oṣù mẹ́fà ni ti ẹni tó ń san lọ́dọọdún, oṣù mẹ́ta ni ti ẹni tó ń san ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, oṣù kan péré ni ti ẹni tó ń san lóṣooṣù. Bí kò bá sì sí ẹ̀rí mìíràn, àsìkò tí owó ń wọlé ni wọ́n fi ń mọ irú ayálégbé tí èèyàn jẹ́. Ibẹ̀ ni ọ̀fìn náà wà. Bí ẹ bá kàn bẹ̀rẹ̀ sí í san díẹ̀díẹ̀ láìsí ìwé, ẹ lè ti ọwọ́ ara yín sọ oṣù mẹ́fà di mẹ́ta tàbí di ẹyọ kan. Láti 2025 ni àwọn aṣòfin Èkó ti ń gbé àbá òfin tuntun yẹ̀ wò lórí ọ̀rọ̀ ayálégbé, nítorí náà kí ẹ kọ́kọ́ bèèrè èyí tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹni tó bá wà ní ìpínlẹ̀ mìíràn, kó bèèrè ti ibẹ̀.

Ẹ ṣí ìwé ọjà yín kí ẹ tó mú bírò

Lẹ́tà tó dáa bẹ̀rẹ̀ láti inú ìwé tí ẹ fi ń kọ iye orí tí ẹ ṣe lóòjọ́. Bí ẹ kò bá ní irú ìwé bẹ́ẹ̀, ẹ wo ákáǹtì tí oníbàárà ń san owó sí, kí ẹ ka ohun tó wọlé ní oṣù kọ̀ọ̀kan sẹ́yìn títí dé oṣù méjìlá. Ẹ yọ owó atáṣì, rìlásà àti gẹ́lì kúrò. Ẹ yọ owó iná àti epo jẹnẹrétọ̀, oúnjẹ àwọn ọmọ iṣẹ́, àti owó tí ẹ ń gbé lọ sílé. Ohun tó ṣẹ́ kù ni ẹ lè fi san owó ṣọ́ọ̀bù, kò sí òmíràn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣì í ni pé wọ́n á wo oṣù tí ọjà kú lọ́dún tó kọjá, wọ́n á sì rò pé oṣù yẹn náà ló máa kú lọ́dún yìí. Àwẹ̀ Rámádáànì kì í dúró sójú kan. Ó máa ń fi bí ọjọ́ mọ́kànlá tètè dé lọ́dọọdún. Ní 2025, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta ló bẹ̀rẹ̀. Ní 2026, ó ti di oṣù Kejì. Lẹ́ńtì náà bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejì yẹn kan náà, nítorí náà Mùsùlùmí àti ọ̀pọ̀ Kírísítẹ́nì jọ wà nínú àwẹ̀, ìnáwó sì wọ́n. Ẹni tí kò ní aṣọ ẹbí tó fẹ́ wọ̀ kì í kánjú di ṣùkú. Pátéwọ́ tàbí wíìfọ́ọ̀nù ló máa fi lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ọdún Ìtúnu Àwẹ̀ ni ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù á tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, Àjíǹde á tẹ̀ lé e, Iléyá á wá tẹ̀ lé ìyẹn. Àwọn ọdún wọ̀nyí ni kí ẹ gbé ọjọ́ ìsan yín kà.

Ẹ jẹ́ ká mú ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìkòròdú. ₦600,000 ni owó rẹ̀ lọ́dún, ọjọ́ 1 oṣù Kejì ló máa ń pé. Onídìrí náà ní ₦215,000 lọ́wọ́ lẹ́yìn ìgbòkègbodò Kérésì. Ó ṣírò rẹ̀ láti inú ìwé ọjà rẹ̀ pé oṣù Kejì máa ṣẹ́ ₦25,000 kù fún owó ṣọ́ọ̀bù, oṣù Kẹta ₦55,000, oṣù Kẹrin ₦75,000, oṣù Karùn-ún tí Iléyá bọ́ sí ₦85,000. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦240,000. Lẹ́yìn ìyẹn, oṣù Kẹfà àti Keje, ₦50,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan, oṣù Kẹjọ ₦60,000.

Kò lè san ₦600,000 lẹ́ẹ̀kan náà. Kò tilẹ̀ lè san ìdajì, bẹ́ẹ̀ ìdajì ni ẹnu ọ̀pọ̀ wa máa ń yára sọ níwájú onílé. Ṣùgbọ́n ó lè san ₦200,000 lójú ẹsẹ̀, kí ₦15,000 ṣẹ́ kù. Tí oṣù Karùn-ún bá fi máa parí, á ti ní ₦255,000. Á san ₦200,000 kejì, á sì ku ₦55,000. Ní ìparí oṣù Kẹjọ, á ti di ₦215,000. Á san ìkẹta. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, owó kan náà, gbogbo rẹ̀ sì parí ní oṣù keje ọdún ilé náà.

Ohun tó ń ba onílé lẹ́rù

Mo ti bá onílé tó pọ̀ jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí, ìbéèrè kan ló wà nínú gbogbo wọn, bí wọn kò tilẹ̀ sọ ọ́ síta: ṣé màá wá máa lé obìnrin yìí kiri fún owó ibi tó ti lò tán? Owó ṣọ́ọ̀bù máa ń ṣáájú ni. Bí ẹ bá pín in lọ́nà tí ẹ fi ń lo àyè kí ẹ tó san, ẹ ti di ajigbèsè lójú rẹ̀.

Ẹ wá wo ìpín tí a ṣe lókè yìí dáadáa. ₦600,000 lọ́dún jẹ́ ₦50,000 lóṣù, nítorí náà ₦200,000 jẹ́ owó oṣù mẹ́rin. Ti àkọ́kọ́ gbé e láti oṣù Kejì dé ìparí oṣù Karùn-ún. Ọjọ́ tó bá tán gan-an ni ìkejì wọlé, ó sì gbé e dé ìparí oṣù Kẹsàn-án. Ìkẹta wọlé ní ìparí oṣù Kẹjọ, oṣù kan gbáko kí ìkejì tó tán. Kò sí ọjọ́ kan tó lò láìsan. Gbólóhùn yìí ló lágbára jù nínú gbogbo lẹ́tà náà, mo sì máa ń bẹ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kí wọ́n má fi í sílẹ̀. Bí ìṣirò yín kò bá lè mú un jáde, ẹ tún ọjọ́ àti iye owó tò títí á fi jáde. Bí kò bá jáde rárá, a jẹ́ pé ṣọ́ọ̀bù náà ti wọ́n ju agbára yín lọ, lẹ́tà kankan kò sì lè tún ìyẹn ṣe.

Mo fi oṣù kan sílẹ̀ ṣáájú ìkẹta nítorí pé oṣù Kẹsàn-án ni owó ilé ìwé máa ń jáde. Àwọn ìyá ọmọ á mú ọmọ wá di kòlẹ́sẹ̀ fún ìwọlé, ṣùgbọ́n orí tiwọn, wọ́n á fi gèlè bò ó. Ẹni tó bá fi ìsan sí ìparí oṣù Kẹsàn-án á jìyà rẹ̀.

Ìgbà tí lẹ́tà yẹ kó dé

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí owó tó pé ni mo máa ń dá a sí. Bí ẹ bá tètè jù, onílé á rò pé ẹ kò tíì gbìyànjú. Bó bá kù díẹ̀ kí ọjọ́ pé, ó lè ti fi owó náà dáhùn ibòmíràn: páànù tó fẹ́ pààrọ̀, owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀, owó Háájì. Bó bá wá jẹ́ pé ọjọ́ ti kọjá kí lẹ́tà tó dé, ẹ̀bẹ̀ gbèsè ló ti dà, kò sì sí ohun tó máa mú onílé gbọ́ ọ.

Ẹ má fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí àgbàlagbà tó ń gbé ní ìtòsí yín láìjẹ́ pé ẹ kọ́kọ́ lọ kí i. Ẹ lọ ní ìrọ̀lẹ́, ẹ kúnlẹ̀, ẹ sọ̀rọ̀ náà lẹ́nu ní ṣókí, kí ẹ wá sọ pé, "Bàbá, mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ kó má baà di pé a gbàgbé ohun tí a jọ sọ." Gbólóhùn yìí máa ń mú kí ìwé náà dà bí ọ̀wọ̀. Bí onílé bá wà ní Lọ́ńdọ̀n tàbí Húsítìn, tó jẹ́ ejẹ́ǹtì ló ń gba owó fún un, ẹ pè é lórí fóònù, kí ẹ fi fọ́tò lẹ́tà náà ránṣẹ́ lórí Wáásáàpù, kí ẹ sì fún ejẹ́ǹtì ní ẹ̀dà tirẹ̀. Ejẹ́ǹtì tó bá gbọ́ ọ lẹ́yìn máa ń rò pé ẹ fẹ́ fi owó tòun dù ú, ó sì lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ fún yín.

Lẹ́tà náà fúnra rẹ̀

Ojú ewé kan tó. Ẹ̀dà méjì ni kí ẹ ṣe. Ẹ lè kọ ọ́ ní Yorùbá bó bá jẹ́ òun ni onílé ń kà dáadáa. Bí ọ̀rọ̀ bá dé ilé ẹjọ́, wọ́n á túmọ̀ rẹ̀. Bó ṣe rí fún onídìrí Ìkòròdú yẹn nìyí:

> Ṣọ́ọ̀bù kejì, ìsàlẹ̀ ilé yín,
> (orúkọ àdúgbò), Ìkòròdú.
> Ọjọ́ 4, oṣù Kìíní, 2026.
>
> Sí Alhájì, onílé wa,
>
> Ẹ̀bẹ̀ láti pín owó ṣọ́ọ̀bù ọdún 2026 san ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta
>
> Ẹ kú ọdún o, sà. A kú ewu ọdún, ọ̀pọ̀ rẹ̀ la ó ṣe láyé. Mo fẹ́ bẹ̀ yín kí ẹ jẹ́ kí n san owó ṣọ́ọ̀bù mi ti ọdún yìí, ₦600,000, ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta dípò ẹ̀ẹ̀kan. Owó ọdún kan ni, láti ọjọ́ 1 oṣù Kejì 2026 títí dé ọjọ́ 31 oṣù Kìíní 2027.
>
> Ọdún kẹfà mi nìyí lábẹ́ yín. Mo ti san ti ọdún márùn-ún tó kọjá pé, ẹ̀dà rìsíìtì wọn wà lẹ́yìn lẹ́tà yìí.
>
> Àwẹ̀ Rámádáànì àti Lẹ́ńtì jọ bọ́ sí oṣù Kejì lọ́dún yìí, ìnáwó sì máa ń dín kù nígbà àwẹ̀. Láti Ìtúnu Àwẹ̀ ni ọjà wa máa ń padà. Nítorí náà, bí mo ṣe fẹ́ san án nìyí:
>
> Ọjọ́ 1 oṣù Kejì 2026: ₦200,000
> Ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún 2026: ₦200,000
> Ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ 2026: ₦200,000
>
> Bí a bá pín in báyìí, kò ní sí ọjọ́ kan tí màá lo ṣọ́ọ̀bù yín tí owó rẹ̀ kò tíì dé ọwọ́ yín. Bí ìsan kan bá fẹ́ pẹ́, màá pè yín ní ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú, kò sì ní kọjá ọjọ́ méje lẹ́yìn ọjọ́ tí mo dá.
>
> Pípín owó yìí san kò yí àdéhùn wa padà. Ayálégbé ọdọọdún ni mo ṣì jẹ́, oṣù mẹ́fà sì ni àkókò tí ẹnikẹ́ni nínú wa máa fi sọ fún ẹnì kejì kí ilé tó tú. Ti ọdún yìí nìkan ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún.
>
> Bí ẹ bá gbà á fún mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fọwọ́ sí ẹ̀dà méjèèjì.
>
> Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
> (orúkọ àti ìfọwọ́sí onídìrí)
>
> Mo gbà á bó ṣe wà lókè yìí: (ìfọwọ́sí onílé, ọjọ́)
> Ẹlẹ́rìí: (orúkọ, ìfọwọ́sí, ọjọ́)

Ẹ kíyè sí ohun tí kò sí nínú rẹ̀. Kò sí ẹkún nípa bí orílẹ̀-èdè ṣe le, nítorí orílẹ̀-èdè kan náà ni onílé ń gbé. Kò sí ọ̀rọ̀ òrùlé tó ń jò. Mo mọ̀ pé ó máa ń ṣeni bíi kéèyàn fi kún un, ṣùgbọ́n bí ẹ bá da ẹ̀sùn pọ̀ mọ́ ẹ̀bẹ̀, ẹ̀sùn ni onílé máa dá lóhùn. Ẹ kọ ti òrùlé lọ́tọ̀, nígbà mìíràn. Bákan náà ni kò sí ibi tó ti sọ pé òun jẹ gbèsè, torí pé ní ọjọ́ 4 oṣù Kìíní, kò tíì jẹ ẹ́.

Ìpínrọ̀ tó sọ pé "kò yí àdéhùn wa padà" ni ẹ̀rí tí èmi kò ní nígbà tèmi. Bí onílé bá ní òun á fọwọ́ sí gbogbo rẹ̀ àfi ìpínrọ̀ yẹn, ẹ rọra bi í léèrè ohun tó fẹ́ ṣe. Nígbà mìíràn, kò yé e ni, bí ẹ bá sì ṣàlàyé pé òun náà máa rí oṣù mẹ́fà láti wá ayálégbé mìíràn bí ẹ̀yin bá fẹ́ kó lọ, á gbà. Bó bá kọ̀ délẹ̀délẹ̀, ó sàn kí ẹ yá owó níbi àjọ tàbí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kí ẹ san án tán ju kí ẹ san díẹ̀díẹ̀ láìsí ààbò yẹn lọ.

Nígbà tí onílé bá fèsì

Èsì tó léwu jù ni "Kò burú, máa mú un wá." Ìdùnnú máa ń jẹ́ ká gbàgbé ìwé lórí tábìlì rẹ̀. Bó bá ní òun á fọwọ́ sí i tó bá yá, ẹ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí Wáásáàpù ní alẹ́ ọjọ́ náà: "Ẹ ṣé gan-an, Bàbá, Ọlọ́run á fi ẹ̀mí gígùn jíǹkí yín. Gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe gbà á lónìí, màá san ₦200,000 ní ọjọ́ 1 oṣù Kejì, ₦200,000 ní ìparí oṣù Karùn-ún, ₦200,000 ní ìparí oṣù Kẹjọ, owó ọdún kan ni, àdéhùn ọdọọdún wa kò sì yí padà." Bó bá dáhùn "Àmín" tàbí "Ó dáa", ẹ tọ́jú rẹ̀. Kò tó ìfọwọ́sí, ṣùgbọ́n ó ju afẹ́fẹ́ lọ. Ẹ ṣì padà lọ gba ìfọwọ́sí náà kí ẹ tó san ìkejì.

Ó lè ní kí ẹ san ìdajì lẹ́sẹ̀ kan náà. Ẹ má ṣe gbà á nítorí ojú ń tì yín. Ẹ mú ìwé ọjà jáde, kí ẹ fi hàn án pé ₦215,000 ló wà. Ẹ lè fi ọjọ́ tó súnmọ́ lọ̀ ọ́: ìkejì ní àárín oṣù Karùn-ún dípò ìparí rẹ̀, bí ìwé yín bá gbà á. Ọjọ́ ni kí ẹ fi rà á, ẹ má fi iye owó tí ẹ kò ní rà á.

Ó tún lè ní kí ẹ kọ ṣẹ́ẹ̀kì tọ́jọ́ rẹ̀ kò tíì pé sílẹ̀ fún ìkejì àti ìkẹta. Ibí yìí ni mo ti máa ń pariwo. Bí ṣẹ́ẹ̀kì bá dé báǹkì tí kò sí owó nínú ákáǹtì, ọ̀ràn ló jẹ́ lábẹ́ òfin Nàìjíríà, ó sì lè gbé èèyàn lọ sẹ́wọ̀n ọdún méjì. Owó ṣọ́ọ̀bù tó pẹ́ kì í gbé ẹnikẹ́ni lọ sẹ́wọ̀n. Ẹ fi pẹ̀lẹ́tù sọ pé ẹ kò lo ṣẹ́ẹ̀kì, pé tiránsífà ni ẹ máa ṣe.

Bó bá sì jẹ́ pé ohun tó ń bẹ̀rù ni pé àwọn ayálégbé yòókù á gbọ́, kí gbogbo wọn tò síwájú rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà, ẹ ṣèlérí pé kò ní ti ẹnu yín jáde, kí ẹ sì mú ìlérí náà ṣẹ. Kò yẹ kí ọmọ iṣẹ́ pàápàá mọ̀.

Owó ti ń wọlé, ojú rìsíìtì ló kù

Nígbà tí ẹ bá ṣe tiránsífà, níbi tí fóònù ti ń bèèrè ohun tí owó wà fún, ẹ kọ ọ́ pé "ìsan kìíní nínú mẹ́ta, owó ṣọ́ọ̀bù ọdún 2026." Ẹ má san owó sọ́wọ́ ejẹ́ǹtì àyàfi tí onílé bá ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Òfin 2011 yẹn sọ ọ́ pé onílé gbọ́dọ̀ fún ayálégbé ní rìsíìtì tó bá gba owó, nítorí náà ẹ kò tọrọ àánú bí ẹ bá bèèrè rẹ̀.

Ẹ dúró ka ohun tí wọ́n kọ kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Rìsíìtì tó dáa máa kà báyìí: "₦200,000, ìsan kìíní nínú ₦600,000 owó ọdún kan, ọjọ́ 1 oṣù Kejì 2026 sí ọjọ́ 31 oṣù Kìíní 2027. Ó ku ₦400,000." Bó bá jẹ́ "owó oṣù mẹ́rin" ni wọ́n kọ, ẹ fi ọ̀wọ̀ dá a padà kí wọ́n tún un kọ níwájú yín. Ojú máa ń ti èèyàn, mo mọ̀. Ìdí tí mo fi tọ́jú rìsíìtì tèmi nìyẹn: mo máa ń yọ ọ́ han ẹlẹgbẹ́ mi tó bá ní òun ò lè sọ fún àgbàlagbà pé kó tún ìwé kọ.

Bí ẹ bá rí i pé ìsan kan ò ní pé, ẹ má sá. Ní ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú, ẹ pè é, kí ẹ san ohun tó wà lójú ọjọ́ rẹ̀, kí ẹ sì dárúkọ ọjọ́ tí ìyókù máa dé. ₦140,000 tó dé ní àsìkò ṣì ń sọ ọ̀rọ̀ rere nípa yín. Ìdákẹ́jẹ́ ló ń mú onílé lọ bá lọ́yà.

Àmì kan wà tó yẹ kó ta yín jí: kí onílé gba ìsan kìíní, kó kọ̀ láti fọwọ́ sí ìwé, kó sì bẹ̀rẹ̀ sí í mú àjèjì wá wo ṣọ́ọ̀bù. Ẹ lọ sí ilé ìlàjà aráàlú ti ìjọba Èkó, kí ẹ mú lẹ́tà, rìsíìtì àti ọ̀rọ̀ Wáásáàpù dání. Wọn kì í gba owó, wọ́n sì máa ń pe onílé wá jókòó. Bó bá fi àgádágodo ti ṣọ́ọ̀bù pa fúnra rẹ̀ láìsí àṣẹ ilé ẹjọ́, ó ti rú òfin. Ẹ má já a. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ sì gba ilé ìlàjà náà lọ lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Lọ́jọ́ tí ìkẹta bá wọlé, ẹ tún kọ ìwé kékeré kan sí i, ìlà méjì tó: "Alhájì, mo dúpẹ́ o. Mo ti san ₦600,000 ti ọdún 2026 pé lónìí, ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ, bí a ṣe jọ fọwọ́ sí i ní oṣù Kìíní." Ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ sínú fáìlì kan náà pẹ̀lú lẹ́tà àkọ́kọ́ àti rìsíìtì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Fáìlì náà ni kí ẹ gbé dání bí ẹ bá tún máa lọ kí i ní oṣù Kìíní.